Táyà líle, omi àkúnya: àṣìṣe táwọn oníkatakata ń ṣe lóko Kétu

Tí òjò ìbẹ̀rẹ̀ ọdún bá ti dé ní Kétu, katakata kì í sinmi mọ́. Èyí tó tulẹ̀ ní Ìdìgní láàárọ̀ lè máa lọ sí Ìlárá nírọ̀lẹ́. Nítorí ọ̀nà yìí ni awakọ̀ fi ń sọ fún fọkanáísà pé kó fẹ́ táyà ẹ̀yìn kó le gbagidi, kí ìwọ̀n atẹ́gùn rẹ̀ tó báà 2 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ọ̀nà lè fẹ́ bẹ́ẹ̀. Àṣìṣe rẹ̀ ni pé ó gbé líle yẹn wọ oko.

Táyà tó le kì í tẹ́ lórí ilẹ̀, agbede méjì rẹ̀ nìkan ló ń kàn án. Agbára tí táyà fi ń tẹ òkè ilẹ̀ kò jìnnà sí iye atẹ́gùn inú rẹ̀: báà 2 nínú táyà fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ kílò 2 lórí ilẹ̀ tó fẹ̀ ní sẹ̀ntímítà kan níbùú àti lóòró. Ilẹ̀ pupa wa kì í tètè fi ìyà tó jẹ hàn. Ẹ gbẹ́ ihò díẹ̀ lẹ́bàá àgbàdo tí kò dàgbà dáadáa, kí ẹ fi ọ̀bẹ gún ẹ̀gbẹ́ ihò náà láti òkè lọ sísàlẹ̀. Níbi tí ọ̀bẹ ti kọ̀ láti wọlé, ẹ ó rí i pé gbòǹgbò pẹ̀lú ti yà sẹ́gbẹ̀ẹ́.

Táyà líle yìí kan náà kì í di ilẹ̀ mú, ó ń yí lásán. Ohun tí ọ̀pọ̀ awakọ̀ máa ń ṣe ni kí wọ́n rọ omi sínú táyà kí ìdí katakata lè wúwo. Wọ́n ń wo àìsàn kan, wọ́n sì ń dá òmíràn sílẹ̀. Ìtẹ̀mọ́lẹ̀ tí ìwúwo fà ń jìn wọlẹ̀, ohun ìtúlẹ̀ kì í sì í dé ibẹ̀ láti tú u.

Ẹ kọ́kọ́ wọn ìyọ̀ náà ná, ìyẹn bí táyà ṣe ń yí lásán tó. Ẹ fi ẹfun sàmì sí táyà ẹ̀yìn. Ẹ gbé ohun ìtúlẹ̀ sókè, ẹ jẹ́ kí táyà yí nígbà mẹ́wàá lórí oko yẹn, kí ẹ sì wọn ibi tó rìn dé. Lẹ́yìn náà, ẹ ti àwo ìtúlẹ̀ bọlẹ̀, ẹ tún ka mẹ́wàá. Ẹ jẹ́ ká sọ pé katakata kékeré aláwo mẹ́ta rin mítà 46 lákọ̀ọ́kọ́, ó sì rin 35 nígbà tó ń túlẹ̀. Mítà 11 ti ṣòfò. Tí a bá fi 46 pín in, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ 24 nínú 100. Èyí pọ̀ jù. Láàárín 10 sí 15 ló dára jù. Tó bá wà lábẹ́ 8, katakata wúwo ju iṣẹ́ rẹ̀ lọ, ẹ yọ ìwúwo kúrò. Ẹni tí kò ní tépù lè wo ipa eyín táyà nílẹ̀: tó bá ti nù mọ́ra pátápátá, ìyọ̀ ti pọ̀ jù, tó bá mọ́ kedere bí òǹtẹ̀, ìwúwo ti pọ̀ jù.

Bí ẹ bá rí 24, atẹ́gùn ni kí ẹ kọ́kọ́ dín kù. Ẹ gbé ohun ìtúlẹ̀ sókè, kí ẹ mọ ìwúwo tó wà lórí táyà ẹ̀yìn kọ̀ọ̀kan, kí ẹ wá wo tábìlì ilé iṣẹ́ tó ṣe táyà náà láti mọ iye atẹ́gùn tó kéré jù tó lè gbé e. Ó lè jẹ́ nǹkan bíi báà 1.2. Ẹ tún wọn ìyọ̀. Tó bá ṣì ju 15 lọ, ìgbà yẹn ni ká tó sọ̀rọ̀ ìwúwo, irin ló sì dára jù, nítorí ẹ lè yọ ọ́ nígbà tí iṣẹ́ fúyẹ́. Tó bá jẹ́ omi ni dandan, ẹ yí fáàbù sókè pátápátá kí omi má kọjá ẹnu rẹ̀, ìyẹn nǹkan bíi ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin. Táyà tí omi kún inú rẹ̀ pátápátá kò ní atẹ́gùn tó lè tẹ̀ mọ́, ó di igi. (Omi lásán tó níhìn-ín, kò sí òtútù tí yóò mú un dì.)

Àwọn kan wá gbọ́ pé kí atẹ́gùn kéré, wọ́n dín in títí táyà fi wó sílẹ̀. Táyà tó ní túùbù kì í gba bẹ́ẹ̀: ríìmù ń yí, táyà kò bá a yí tó, túùbù á sì ya lẹ́nu fáàbù. Ẹ fa ìlà ẹfun kan láti orí ríìmù bọ́ sórí táyà. Tí ìlà méjèèjì bá yà kúrò lórí ara wọn lẹ́yìn iṣẹ́ wákàtí kan, atẹ́gùn ti kéré jù.

Kí ẹ sì tó padà sójú títì, ẹ fẹ́ ẹ padà, nítorí táyà rírọ̀ tó ń sáré máa ń gbóná, ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ á sì là. Tí kò bá sí ẹ̀rọ tí ẹ lè fi fẹ́ táyà lóko, mi ò ní sọ pé kí ẹ dé 1.2. Ẹ fi sí iye tí tábìlì gbà fún ìrìn ojú ọ̀nà, láìfi ohunkóhun kún un, kí ẹ sì rọra wa ọkọ̀.