Ẹ má fi ìyára pín ọ̀nà Ọjà Ọba

Ẹ̀yin ará, ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin tí ẹ máa ń jáde ní FUTA lọ sí Alágbàká ní Àkúrẹ́ láàárọ̀, ìṣirò kan ló ń jẹ́ kí ẹ pẹ́. Ká ní kìlómítà 8 ni ọ̀nà yín, mítà ọkọ̀ sì ń fi kìlómítà 40 ní wákàtí kan hàn. Ẹ pín in, ó di ìṣẹ́jú 12. Ṣùgbọ́n 40 yẹn kò dé ibi tí sún kẹrẹ fà kẹrẹ wà.

Ẹ gé ọ̀nà náà sí méjì. Kìlómítà 6 tó já geere, ní 40, ìṣẹ́jú 9 ni. Kìlómítà 2 tó kù, lẹ́bàá Ọjà Ọba, tí kẹ̀kẹ́ Màrúwá ń já èrò sílẹ̀ láàárín títì, ẹ lè má sáré ju 8 lọ níbẹ̀: ìṣẹ́jú 15. Gbogbo rẹ̀ di ìṣẹ́jú 24. Ibi kékeré yẹn ló gba àkókò jù! Ìdí nìyí tí kò fi dára kéèyàn da 40 pọ̀ mọ́ 8, kó pín in sí méjì: ìyára 24 lẹ máa rí, ẹ ó sì rò pé 20 ìṣẹ́jú ti tó.

Ohun tí mò ń ṣe ni pé mo wo aago bí mo ṣe wọ ibi tó dí àti bí mo ṣe jáde, fún ọjọ́ márùn-ún, ní wákàtí kan náà. Bí ìpàdé bá ṣe pàtàkì, èyí tó pẹ́ jù nínú márààrún ni mò ń lò. Ọjọ́ òjò, ẹ tún un wọ̀n lọ́tọ̀.