Bí mo ṣe rí fọ́tò àdìrẹ mi gbà padà

Ẹ kú iṣẹ́ o. Àdìrẹ ni mò ń tà ní Ìtòkú, l'Abẹ́òkúta níbí, fóònù mi sì ti kún, tí mo bá ti fi fọ́tò ránṣẹ́ sí kọ́sítọ́mà tán màá pa á rẹ́, ṣebí ó ṣáà wà nínú Wásáàpù. Ìgbà tí mo fẹ́ tẹ bánà ni atẹ̀wé ní fọ́tò mi ò mọ́ rárá. Mo yẹ̀ ẹ́ wò, 180 KB péré, bẹ́ẹ̀ èyí tí mo yà fẹ́ẹ̀ tó 4 MB! Àṣé Wásáàpù máa ń fún fọ́tò pọ̀ kó tó gbé e lọ. Ẹ wo orúkọ fáìlì yẹn, ẹ ó rí WA nínú ẹ̀, bíi `IMG-20250310-WA0007.jpg`.

Ohun tó yọ mí ni `Trash` inú gálárì, 30 ọjọ́ ló ń tọ́jú nǹkan lórí fóònù tèmi, ọjọ́ kejìlélógún ni mo débẹ̀, mo yáa tẹ `Restore`.

Ní báyìí, kí n tó fi ránṣẹ́, màá kọ́kọ́ kọpí ẹ̀ sórí mẹ́mórì káàdì, màá ṣí i níbẹ̀, màá fẹ̀ ẹ́ kí n rí i pé ìlà ẹlẹ́kọ yẹn hàn kedere. Kọ́sítọ́mà tó bá fẹ́ èyí tó mọ́ dáadáa, `Document` ni mò ń fi ṣe, ìyẹn kì í fún un pọ̀. Ṣùgbọ́n tí wọ́n bá jí fóònù, káàdì inú ẹ̀ náà ti lọ nìyẹn, torí náà gbogbo ọjọ́ Sunday ni mò ń kó wọn sórí kọ̀ǹpútà àbúrò mi.