Tẹ́rù tó sùn sí mi lọ́rùn, àti Iléyá tó ń sá kúrò nínú oṣù Kẹfà

Ìdì tẹ́rù mẹ́rìndínlógún, aṣọ funfun tí mo fi ń ṣe àdìrẹ, ló sùn sí yàrá ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀bù mi ní Ìtòkú, Abẹ́òkúta, láti oṣù Kìíní ọdún 2025 títí òjò fi bẹ̀rẹ̀. ₦640,000 ni mo kó lé wọn lórí. Kì í tiẹ̀ ṣe owó mi. Owó ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù ni, èlé sì ń gorí rẹ̀ lóṣooṣù, bí mo tà bí n kò tà. Nígbà tí mo fi máa tú ìdì tó wà nísàlẹ̀ pátápátá, ojú ìṣẹ́po aṣọ náà ti pọ́n bí ìgbà tí èèyàn da tíì sí i. Bí mo ṣe rẹ ẹ́ sínú aró tó, ìlà yẹn ṣì ń yọjú. Oníbàárà mi kan ní Ìbàdàn dá ọ̀pá mẹ́wàá padà, ó ní ṣé aṣọ tí ẹnì kan ti wọ̀ gbó ni mo pa láró fún òun ni.

Ohun tó dun mi jù ni pé ìwé ni mo wò kí n tó ra ọjà yẹn. N kò méfò. Ọ́dà tí àwọn oníbàárà ń béèrè ni mo ń kọ síbẹ̀. Ní oṣù Kọkànlá 2024, ọ́dà 71 ló wọlé. Ní oṣù Kejìlá, 109. Mo ní ọjà ti ṣí nìyẹn, bó bá ń gòkè báyìí, oṣù Kìíní á tó 140. Mo sáré lọ yá owó. Oṣù Kìíní dé, ọ́dà 47 péré! Ẹ̀rù bà mí, mo ní iṣẹ́ ti bàjẹ́. Mo já owó àdìrẹ oníko wálẹ̀, mo sì ní kí ọ̀kan nínú àwọn ọmọbìnrin tó ń bá mi so aṣọ lọ jókòó sílé ná. Àṣìṣe méjì láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, orí ìwé kan náà ni mo ti kó méjèèjì jáde.

Ọmọ àbúrò mi tó ń ṣe ìṣirò owó fún iléeṣẹ́ kan ló wo ìwé náà tó rẹ́rìn-ín. Ó ní, “Àǹtí, ta ló ní kí ẹ fi oṣù Kìíní wé oṣù Kejìlá? Oṣù Kìíní tèṣí ńkọ́?” Mo fẹ́ bínú, ṣùgbọ́n mo lọ wá ìwé tèṣí.

Bó ṣe rí nìyí. Oṣù Kejìlá 2023 jẹ́ 96, ti 2024 jẹ́ 109. Oṣù Kìíní 2024 jẹ́ 41, ti 2025 jẹ́ 47. Gbogbo oṣù Kìíní ló máa ń wó lẹ́yìn ọdún Kérésì. Owó ti tán lọ́wọ́ àwọn èèyàn, owó ilé ìwé sì dúró lẹ́nu ọ̀nà. Oṣù Kìíní tí mo ń sunkún lé lórí yìí, òun gan-an ló dára jù nínú gbogbo oṣù Kìíní tí mo ti rí rí. Mo ti lé ọmọ ẹlòmíràn lọ sílé nítorí oṣù tó dára jù.

Èyí tó tún wá bí mi nínú ni pé mo lè mọ̀ ọ́n ṣáájú. Mo pín 109 sí 96, ó fún mi ní 1.135, ìyẹn ni bí ọjà ṣe fi lé sí i láti ọdún kan sí èkejì. Mo fi ìyẹn sọ 41 ti oṣù Kìíní tó kọjá di púpọ̀, ó fún mi ní 46 àti àbọ̀. Ohun tó sì wọlé ni 47. N kò sọ pé yóò máa bọ́ síbẹ̀ gẹ́lẹ́ nígbà gbogbo, ṣùgbọ́n ká ní mo ṣe é lọ́jọ́ kejì ọdún tuntun, ìdì mẹ́rin ni ǹ bá rà.

Bí mo ṣe kó gbogbo ìwé náà sínú Ẹ́sẹ́ẹ̀lì, n kò ní fi àkókò yín ṣòfò lórí ìyẹn. Ọjọ́ ọ́dà nínú òpó A, ó tán. Ẹyọ kan péré ni mo fẹ́ kí ẹ mọ̀: ọjọ́ tí oníbàárà béèrè ọjà ni kí ẹ kọ, kì í ṣe ọjọ́ tí ẹ fi ránṣẹ́. Ìwé 2023 mi, ọjọ́ tí aṣọ kúrò nílé ni wọ́n kọ síbẹ̀. Nígbà òjò, aṣọ lè lo ọjọ́ mẹ́wàá kó tó gbẹ, ọ́dà ìparí oṣù á wá ṣubú sínú oṣù tó tẹ̀ lé e. Ọ̀sẹ̀ méjì ni mo fi ń fa Wátsáàpù sókè sódò láti wá ọjọ́ tí oníkálukú kọ́kọ́ béèrè. Ojú mi fẹ́rẹ̀ẹ́ fọ́. Ẹ má sì lo náírà. Láti àárín 2023 tí náírà ti wó, owó tí mo ń gbà lórí ọ̀pá kan ti fẹ́rẹ̀ẹ́ di ìlọ́po méjì, ẹni tó bá fi náírà wé náírà á máa rò pé òun ń là. Iye ọ́dà ni mo kà.

Fún oṣù kọ̀ọ̀kan, ohun tí mo tẹ̀ kó lè bá mi ka ọ́dà nìyí, ti oṣù Kẹfà 2024 rèé:

```
=COUNTIFS(A:A,">="&DATE(2024,6,1),A:A,"<"&DATE(2024,7,1))
```

Mo wá to oṣù kan náà ti ọdún mẹ́ta sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn. Inú mi dùn. Mo ti ń bá àwọn ẹlẹgbẹ́ mi ní ọjà sọ̀rọ̀ bí ọ̀jọ̀gbọ́n. Àfi ìgbà tí mo dé oṣù Kẹfà.

Oṣù Kẹfà 2023: 124. 2024: 100. 2025: 72.

Kí n má purọ́, n kò sùn lálẹ́ ọjọ́ yẹn. Oṣù kan náà ni mo fi wé oṣù kan náà, bí wọ́n ṣe kọ́ mi, ó sì sọ fún mi pé ọjà mi ń kú. Oṣù tó jẹ́ orí ọdún fún mi ló pàdánù fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìdajì láàárín ọdún méjì. Mo tún un kà. Mo tún Wátsáàpù yẹ̀ wò bóyá ọ́dà kan sá mọ́ mi lọ́wọ́. Mo pe ọ̀dọ́mọkùnrin tó ń fi ọ̀kadà gbé ẹrù fún mi bóyá ó rántí ohun tí mo gbàgbé. Mo fura sí obìnrin kan tó ṣí ṣọ́ọ̀bù ní Pánṣẹ́kẹ́ tó ń tà ní owó pọ́ọ́kú. Mo fura sí àwòrán tí mo ń gbé sórí ìkànnì. Mo tiẹ̀ fura sí aró. Ọjọ́ mẹ́ta ni mo fi bá ọmọ àbúrò mi jà lórí fóònù, mo ní ọgbọ́n rẹ̀ yìí ti sọ mí di aláìsùn. Òun náà ò mọ ohun tó fà á. Ó ní bóyá kí n já owó wálẹ̀ díẹ̀. Ìgbà kejì rèé tí wọ́n máa ní kí n já owó wálẹ̀!

Ìyá mi ló tú u. Wọ́n jókòó sẹ́nu ọ̀nà, wọ́n ń fi ràfíà so àdìrẹ oníko lọ ní tiwọn. Mo ka nọ́ńbà náà sí wọn létí bí ẹni ń ka ẹjọ́. Wọn ò gbójú sókè.

“Àjọkẹ́, ọjọ́ wo ni Iléyá bọ́ sí lọ́dún tó o tà 124 yẹn?”

“Ìparí oṣù Kẹfà ni, Ìyá mi.”

“Tọdún yìí ńkọ́?”

Mo dákẹ́. Ọjọ́ 6 oṣù Kẹfà ni. Kò sẹ́ni tó ń ra aṣọ Iléyá lẹ́yìn Iléyá.

Òṣùpá ni Iléyá ń tẹ̀ lé. Ọdún òṣùpá sì fi nǹkan bí ọjọ́ mọ́kànlá kéré sí ọdún kàlẹ́ńdà, ìdí nìyẹn tó fi máa ń sún síwájú lọ́dọọdún. Ní 2023 ó jẹ́ ọjọ́ 28 oṣù Kẹfà, ní 2024 ọjọ́ 16, ní 2025 ọjọ́ 6. Àwọn oníbàárà mi máa ń béèrè láti bí ọ̀sẹ̀ mẹ́rin ṣáájú, kí télọ̀ lè ráyè rán an. Ọ̀sẹ̀ mẹ́rin ti 2023 wà nínú oṣù Kẹfà àfi ọjọ́ kan péré. Ti 2024, ọjọ́ mẹ́tàlá bọ́ sínú oṣù Karùn-ún. Ti 2025, ọjọ́ mẹ́tàlélógún. Ọ́dà mi kò kú. Ó kàn kó lọ sínú oṣù Karùn-ún ni, èmi sì dúró sínú oṣù Kẹfà, mo ń ṣọ̀fọ̀ rẹ̀.

Mo sáré lọ wo oṣù Karùn-ún: 61, 106, 151. Mo ti rí àwọn nọ́ńbà yẹn tẹ́lẹ̀, mo tiẹ̀ ti fi oṣù Karùn-ún yangàn lọ́jà! Òmùgọ̀ ni mí lẹ́ẹ̀mejì: mo fi èyí tó gòkè ṣe fáàrí, mo fi èyí tó wálẹ̀ ṣe ẹkún, nǹkan kan náà ni méjèèjì.

Àtúnṣe tí mo ṣe ni pé fún Iléyá, n kò ka oṣù mọ́. Ọjọ́ méjìdínlọ́gbọ̀n tó ṣáájú rẹ̀ ni mo ń kà, ti 2024 rèé:

```
=COUNTIFS(A:A,">="&DATE(2024,6,16)-28,A:A,"<"&DATE(2024,6,16))
```

Fún 2023 ó jẹ́ 121, fún 2024 ó jẹ́ 137, fún 2025 ó jẹ́ 149. Ìyẹn ni òótọ́ ọ̀rọ̀. Ọjà ń gòkè, àmọ́ ìrìn rẹ̀ ń lọ sílẹ̀ díẹ̀, láti ìdá 13 nínú ọgọ́rùn-ún sí bí ìdá 9. Ibi tó yẹ kí n máa ronú lé nìyẹn, kì í ṣe obìnrin Pánṣẹ́kẹ́.

Ẹni tí kò bá fẹ́ ṣe wàhálà yìí lè pa oṣù Karùn-ún àti Kẹfà pọ̀: 185, 206, 223. Ó ń sọ ohun kan náà, ó sì rọrùn. Ṣùgbọ́n kò ní pẹ́ tí Iléyá yóò fi sún wọ oṣù Kẹrin, yóò sì tún tú u ká. Ìtúnu Ààwẹ̀ náà ti ṣe mí bẹ́ẹ̀: 21 oṣù Kẹrin ní 2023, 10 oṣù Kẹrin ní 2024, ọjọ́ 30 oṣù Kẹta ní 2025. Kérésì ni kì í yẹ̀, ìdí nìyẹn tí oṣù Kejìlá àti oṣù Kìíní fi gbọ́ràn sí mi lẹ́nu lọ́wọ́ kan. Ká ní oṣù Kẹfà ni mo kọ́kọ́ wò ni, ǹ bá ti ju gbogbo ẹ̀kọ́ yẹn nù.

Nǹkan mìíràn tí mo ṣì ń bínú sí ni aṣọ ẹbí. Lọ́dún 2024, ìyàwó kan ní Lafẹ́nwá sọ fún àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ pé kí oníkálukú wá béèrè tirẹ̀ lọ́wọ́ mi. Ọ́dà méjìlélógún ni wọ́n kọ sínú oṣù Kẹwàá, ìgbéyàwó kan ṣoṣo sì ni. Bí oṣù Kẹwàá 2025 bá kéré sí i, n kò gbọ́dọ̀ pariwo. Mo ti kùn wọ́n ní àwọ̀ yẹ́lò nínú Ẹ́sẹ́ẹ̀lì, mo sì ń kà wọ́n sí ọ̀kan.

Ọmọbìnrin tí mo ní kó lọ jókòó sílé ti padà wá, mo fi nǹkan kún owó rẹ̀, ìtìjú ló jẹ́ kí n fi kún un. Lọ́dún 2026, bí òṣùpá bá bá kàlẹ́ńdà mu, Iléyá yóò bọ́ sí nǹkan bí ọjọ́ 27 oṣù Karùn-ún. Ọjọ́ méjìdínlọ́gbọ̀n ṣáájú rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ 29 oṣù Kẹrin, oṣù Kẹfà kò sì ní rí ọ́dà Iléyá kankan. Mo ti kọ ọ́ sára ògiri níbi tí mo ti ń ka owó: oṣù Kẹfà yóò ṣófo, ẹ má já owó wálẹ̀. Ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Kẹrin ni mo máa ra tẹ́rù. Ìdì mẹ́wàá.