Ẹ má fi omi nìkan ṣírò iyọ̀: àwọn àṣìṣe tó wọ́pọ̀ nínú rírẹ adìẹ sínú omi iyọ̀

Adìẹ òyìnbó tí a bá sun tàbí tí a dín máa ń gbẹ níbi igẹ̀. Itan rẹ̀ á rọ̀, á ní omi lára, ṣùgbọ́n tí ẹnu bá kan igẹ̀, ó di pé kéèyàn máa wá omi mu. Ìdí nìyí tí àwọn tó mọ iṣẹ́ adìẹ sísun fi ń rẹ ẹ́ sínú omi iyọ̀ kó tó kan iná. Iyọ̀ tó bá wọnú ẹran máa ń tú fọ́nrán ẹran náà díẹ̀, á sì jẹ́ kó lè di omi ara rẹ̀ mú nígbà tí ooru bá ń fún un jáde. Iṣẹ́ náà ò le rárá. Ìṣirò iyọ̀ rẹ̀ ni ọ̀pọ̀ èèyàn ń ṣì, èyí tó sì burú jù nínú àṣìṣe náà ni pé wọ́n á wọn iyọ̀ mọ́ omi, wọ́n á gbàgbé ẹran.

Ẹ jẹ́ ká mú adìẹ kan, odindi, tí wọ́n ti tu ìyẹ́ rẹ̀, tí wọ́n sì ti kó ìfun rẹ̀ kúrò. Ó wọn kílò kan àtààbọ̀, ìyẹn 1,500 gíráàmù. Omi tó bò ó mọ́lẹ̀ nínú ike jẹ́ lítà méjì. Lítà omi kan kílò kan ni, nítorí náà omi yẹn jẹ́ 2,000 gíráàmù. Ẹni tó fẹ́ rẹ ẹ́ ti gbọ́ níbì kan pé 5% ni omi iyọ̀ adìẹ, ìyẹn iyọ̀ gíráàmù márùn-ún nínú omi ọgọ́rùn-ún gíráàmù. Ó ṣe ìṣirò, 100 gíráàmù iyọ̀ ló bá a mu. Ó pò ó, ó gbé e sínú fíríìjì, ó di ọjọ́ kejì kó tó yọ ọ́. Nígbà tó sun ún tán, iyọ̀ ti pọ̀ débi pé àwọn ọmọ pàápàá ò lè jẹ ẹ́ tán.

5% yẹn kì í ṣe irọ́. Ohun tí kò bá a lọ ni àkókò. Omi iyọ̀ 5% wà fún adìẹ tí a ti gé sí wẹ́wẹ́, tí a fẹ́ rẹ fún wákàtí kan sí méjì péré, ká sì yọ ọ́ kí iyọ̀ tó ráyè wọnú ẹran tán. Tí a bá fi sílẹ̀ títí di ọjọ́ kejì, iyọ̀ á máa kúrò nínú omi bọ́ sínú ẹran títí wọn á fi fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba. Nígbà náà, 100 gíráàmù iyọ̀ ti pín káàkiri omi àti ẹran, tí àpapọ̀ wọn jẹ́ 3,500 gíráàmù. Ẹ pín in wò: ó lé díẹ̀ ní 2.8%. Ahọ́n ọ̀pọ̀ èèyàn ò fẹ́ kí ẹran kọjá 1.5%.

Nítorí náà, tí ẹ bá fẹ́ rẹ adìẹ mọ́jú, ẹ wọn adìẹ, ẹ wọn omi, ẹ pa wọ́n pọ̀, kí ẹ tó wá ṣírò iyọ̀ lórí àpapọ̀ náà. Fún adìẹ wa yìí:

```
1,500 + 2,000 = 3,500
3,500 × 1.5 ÷ 100 = 52.5
```

Gíráàmù 52 tàbí 53 ni iyọ̀ rẹ̀, ó fi díẹ̀ lé ní ìdajì ohun tí ẹni àkọ́kọ́ dà sí i. Adìẹ tí a gé sí wẹ́wẹ́ á gba iyọ̀ yìí láàárín wákàtí mẹ́jọ sí méjìlá. Odindi rẹ̀ ń fẹ́ bíi wákàtí mẹ́rìnlélógún. Ohun tó dùn mọ́ni jù nínú ọ̀nà yìí ni pé tí ẹ bá pẹ́ lọ́jà, tí ẹ ò tètè dé láti yọ ọ́, kò lè ní iyọ̀ ju bó ṣe yẹ lọ, nítorí iyọ̀ tó wà nínú ike náà ò pọ̀ tó láti ba ẹran jẹ́. Ẹni tó bá fẹ́ lo 5% nítorí pé àlejò ti ń bọ̀ lọ́nà, kó má gbójú kúrò lára aago.

Àṣìṣe kejì ni fífi ṣíbí wọn iyọ̀. Ṣíbí ìdiwọ̀n mílílítà 15 tí a fi ọwọ́ rẹ́ lórí máa ń gbé bíi gíráàmù 18 iyọ̀ kíkúnná. Ṣíbí kan náà lè má gbé ju bíi 12 lọ tó bá jẹ́ iyọ̀ oníhóró, nítorí afẹ́fẹ́ wà láàárín àwọn hóró náà. Ẹni tó bu ṣíbí mẹ́ta nínú iyọ̀ kíkúnná rí 54, adìẹ rẹ̀ dára. Aládùúgbò rẹ̀ bu mẹ́ta nínú iyọ̀ oníhóró, 36 ló rí, ó ní omi iyọ̀ ò ṣe nǹkan kan fún òun. Tí a ò bá rẹ́ orí ṣíbí, tí iyọ̀ gogoro lórí rẹ̀, kò sẹ́ni tó lè sọ iye tó wà níbẹ̀. Gíráàmù ò yàtọ̀ láti orí iyọ̀ kan sí òmíràn, òun ló jẹ́ kí wíwọ̀n dára ju bíbù lọ.

Ṣùgbọ́n irú ìwọ̀n tí ẹ lò ṣe pàtàkì. Ìwọ̀n ńlá tí àwọn tó ń ta adìẹ àti ẹja ń lò ní Ọjà Ọba l'Adó dára fún wíwọn adìẹ fúnra rẹ̀. Ẹ má gbé iyọ̀ lé e, nítorí 50 gíráàmù kéré jù lójú rẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ lè má mì rárá. Ìwọ̀n kékeré oníbátìrì tó ń ka gíráàmù kọ̀ọ̀kan ni kẹ́ ẹ fi wọn iyọ̀. Ẹ gbé abọ́ òfìfo lé e, ẹ tẹ bọ́tìnì tí wọ́n kọ TARE tàbí ZERO sí kó padà sí òdo, kẹ́ ẹ tó máa da iyọ̀ sínú abọ́ náà. Ẹni tí kò tẹ bọ́tìnì yẹn ń ka abọ́ mọ́ iyọ̀ ni, iyọ̀ rẹ̀ ò ní tó. Ní ti omi, ọ̀rá píọ́ wọ́tà mẹ́rin tí wọ́n kọ 50 cl sí lára yẹ kó jẹ́ lítà méjì, àmọ́ kì í ṣe gbogbo rẹ̀ ló máa ń kún dé bẹ́ẹ̀. Ẹ gbé e lé ìwọ̀n kẹ́ ẹ tó gbà á gbọ́.

Áísì náà máa ń ba ìṣirò jẹ́ láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni fura. Èèyàn á wọn omi lítà kan, á pò iyọ̀ rẹ̀ bó ṣe tọ́, á wá ju áísì kílò kan sí i kó lè tutù. Omi ni áísì yẹn máa dà tó bá yọ́, omi iyọ̀ náà á sì di fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́. Tí ẹ bá máa fi áísì sí i, ẹ kà á mọ́ omi láti ìbẹ̀rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni fún ẹni tó gbé omi kaná kí iyọ̀ lè yọ́: kó fi omi gbígbóná díẹ̀ yọ́ iyọ̀, kó fi omi tútù tó kù là á, kó sì dúró kó tutù dáadáa kí adìẹ tó wọ inú rẹ̀. Omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ ni kòkòrò àìfojúrí fẹ́ràn jù.

Èyí ṣe pàtàkì gan-an, torí ọ̀pọ̀ èèyàn rò pé níwọ̀n ìgbà tí iyọ̀ bá ti wà níbẹ̀, ẹran ò lè bàjẹ́. Iyọ̀ 1.5% ò dáàbò bo ẹran. Òtútù ló ń ṣe iṣẹ́ yẹn, ó sì gbọ́dọ̀ wà ní 4°C tàbí kó tutù jù bẹ́ẹ̀ lọ títí ẹ ó fi yọ ẹran. Tí wọ́n bá múná lọ ní alẹ́, tí fíríìjì sì ti ń lọ́wọ́ọ́rọ́, ẹ kó adìẹ pẹ̀lú omi iyọ̀ rẹ̀ sínú ọ̀rá tó nípọn, ẹ di ẹnu rẹ̀ pinpin, ẹ gbé e sínú kúlà, kẹ́ ẹ wá to áísì yí ọ̀rá náà ká. Ìta ni áísì wà, kò ní kan ìṣirò yín. Ẹ má lo ìkòkò alumíníọ́mù fún rírẹ ẹ. Iyọ̀ máa ń jẹ ẹ́, ẹran á sì ní ìtọ́wò irin. Ike tó mọ́ tàbí abọ́ gíláàsì ló dára.

Tí ẹ bá yọ adìẹ, ẹ nù ún gbẹ, ẹ má tún fi iyọ̀ pa á lára. Mágì náà ń kọ́? Iyọ̀ ló pọ̀ jù nínú mágì. Ẹni tó rẹ adìẹ sí 1.5%, tó tún fọ́ mágì méjì sí i lára, ti ń padà lọ sí ìdí 100 gíráàmù ìjọsí. Ata, àlùbọ́sà, atalẹ̀ àti efinrin ò mú iyọ̀ dání, ẹ lo ìwọ̀nyẹn bó bá ṣe wù yín. Bó bá sì jẹ́ pé ńṣe lẹ fẹ́ bọ adìẹ náà fún ọbẹ̀ tí ẹ ó fi jẹ iyán, ẹ má wulẹ̀ rẹ ẹ́. Omi ọbẹ̀ á fa iyọ̀ yẹn padà jáde, bíbọ̀ tó pẹ́ á sì fún omi tó wà lára ẹran náà dànù. Adìẹ agbébọ̀ tó ti gbó, tó ń fẹ́ iná pípẹ́, omi iyọ̀ ò lè rọ̀ ọ́. Ti sísun àti dídín ni iṣẹ́ yìí wà fún.

Àwọn kan máa ń mú iye tí wọ́n lò fún adìẹ, wọ́n á gbé e fún ẹja. Ẹran ara ẹja àrọ̀ rọ̀ púpọ̀. Ègé rẹ̀ tí ẹ fẹ́ dín tàbí tí ẹ fẹ́ yan, omi iyọ̀ 5% fún ogún ìṣẹ́jú sí ọgbọ̀n ti tó o. Ẹja tó bá sun mọ́jú nínú irú omi yẹn á le, á sì ní iyọ̀ dé egungun.

Lórí ẹ̀fọ́, àṣìṣe kan náà ló ń ṣẹlẹ̀, ṣùgbọ́n òdìkejì ló ń bí. Ẹ fẹ́ fi kùkúmbà sínú omi iyọ̀ kó kan, kó lè pẹ́. Kùkúmbà jẹ́ 800 gíráàmù, omi tó bò ó jẹ́ 700. Iyọ̀ 3% lẹ fẹ́. Ẹni tó ṣírò omi nìkan á da 21 gíráàmù sí i. Omi ló pọ̀ jù lára kùkúmbà, iyọ̀ yẹn á sì pín dé ibẹ̀, kò ní ju 1.4% lọ mọ́. Irú iyọ̀ fẹ́lẹ́ bẹ́ẹ̀ ò lè lé àwọn kòkòrò tí a ò fẹ́ sẹ́yìn kí èyí tó ń mú un kan tó gba ipò. Láàárín ọjọ́ díẹ̀, pàápàá nínú ooru, kùkúmbà á rọ̀ jọ̀bọ̀jọ̀bọ̀, omi á máa yọ̀ bí ilá, òórùn rẹ̀ á yí padà. Ẹ dà á nù, ẹ má tọ́ ọ wò. Ìṣirò tó tọ́ ni 1,500 × 3 ÷ 100, ìyẹn 45 gíráàmù. Ẹ fi nǹkan tó mọ́ tẹ kùkúmbà náà mọ́lẹ̀ kí omi lè bò ó pátápátá, torí èyí tó bá yọrí síta á hu, bí iyọ̀ inú omi tiẹ̀ pé.