Bí mo ṣe rí ṣóńṣó méjì tí kọ̀ǹpútà ò kọ sílẹ̀

Ẹ jẹ́ n sọ bó ṣe lọ kó má baà kúrò lọ́kàn mi. Láàbù kékeré kan níbí ní Abẹ́òkúta ni mo ti ń ṣiṣẹ́, a ò ní ẹ̀rọ tó ń ka DNA, PCR, ìyẹn sísọ ẹ̀dà DNA di púpọ̀, la máa ń ṣe, a ó wá fi ránṣẹ́ síta, fáìlì ló máa ń padà wá bá wa nínú ímeèlì. Ìyá kan mú ọmọ ẹ̀ obìnrin wá láti Ọbáńtokò, ọmọ ọdún 19, pẹ̀lú bébà jẹnotáìpù méjì lọ́wọ́, ọ̀kan kọ AS, èkejì kọ SC. Wọ́n ní, "Dókítà, ẹ dákun, èwo ni kí n gbà gbọ́ nínú méjèèjì?" Mo ní kí wọ́n fún wa ní sùúrù, ká ka jíìnì náà fúnra ẹ̀.

Jíìnì HBB ni, òun ló ń sọ irú hemoglóbìn tó máa wà nínú sẹ́ẹ̀lì pupa, ibi tí ọ̀rọ̀ sì wà ò ju lẹ́tà DNA mẹ́ta lọ. Ẹni tó bá jẹ́ A máa ní `GAG` níbẹ̀. Bí A tó wà láàárín bá di T, ó di `GTG`, S nìyẹn. Bí G àkọ́kọ́ bá di A, ó di `AAG`, C nìyẹn. Ìwọ̀nba ohun tí mo ń wá nínú gbogbo fáìlì yẹn nìyẹn.

Mo ṣí fáìlì náà, àwòrán ṣóńṣó aláwọ̀ mẹ́rin ló wà nínú ẹ̀, ṣóńṣó kan fún lẹ́tà kan, mo kọ́kọ́ ka lẹ́tà tí kọ̀ǹpútà ti tò sókè ẹ̀, mo rí `CCTGAGGAGAAG`. Ó dá mi dúró. Ìyẹn ni pé AA ni, bébà méjèèjì sì ti sọ pé S wà lára ọmọ yìí. Mo pe ẹ̀gbọ́n tó kọ́ mi níṣẹ́, mo ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ wá wo eléyìí." Wọn ò tiẹ̀ wo lẹ́tà rárá, wọ́n ní, "Fẹ̀ ẹ́ dáadáa, kó o wo bí ṣóńṣó yẹn ṣe ga sí."

Kẹ́ ẹ tó lè mọ ohun tí wọ́n ń wò, ẹ rántí bí àwòrán yẹn ṣe ń wáyé. Nínú ọ̀nà tí Frederick Sanger àtàwọn tí wọ́n jọ ṣiṣẹ́ gbé jáde ní 1977, wọ́n máa ń da lẹ́tà kan tó máa ń dá okùn dúró mọ́ lẹ́tà gidi, tó bá ti wọ okùn DNA tó ń gùn lọ báyìí, ibẹ̀ lokùn yẹn parí sí. Lóde òní lẹ́tà adánidúró kọ̀ọ̀kan ní àwọ̀ tiẹ̀, lórí sọ́fítíwíà tiwa A jẹ́ gírínì, C jẹ́ búlúù, G jẹ́ dúdú, T jẹ́ pupa. Okùn tó kúrú jù ló máa kọ́kọ́ gba inú kápílárì tín-ín-rín kọjá níwájú iná lésà, èyí tó fi lẹ́tà kan gùn jù ú á tẹ̀ lé e, bẹ́ẹ̀ ni títí dópin. Bí ẹ̀dà tí èèyàn gbà lọ́dọ̀ bàbá àti ti ìyá bá bára mu, gbogbo okùn tó gùn bákan náà á gbé àwọ̀ kan ṣoṣo. Bí wọn ò bá bára mu, nǹkan bí ìdajì á gbé àwọ̀ kan, ìdajì á gbé èkejì, wọ́n á sì jọ kọjá lẹ́ẹ̀kan náà. Ìdí nìyẹn tí ṣóńṣó méjì fi máa ń wà lórí ara wọn ní ojú kan, tí ìkọ̀ọ̀kan á sì wálẹ̀ sí nǹkan bí ìdajì gíga tó yẹ kó ní. Wíwálẹ̀ yẹn gan-an ni ẹ̀gbọ́n ní kí n wò.

Mo fẹ̀ ẹ́. Àwọn ṣóńṣó tó yí i ká ga tó bíi 1,200. Ní lẹ́tà 160, dúdú jẹ́ 640, gírínì sì fara pa mọ́ sábẹ́ ẹ̀ ní 520. Ní 161 tó tẹ̀ lé e, gírínì jẹ́ 600, pupa 540. Ojú méjì tó tẹ̀ lé ara wọn! Kọ̀ǹpútà kàn mú èyí tó ga jù ní ojú kọ̀ọ̀kan, G níbí, A lọ́hùn-ún, ló bá so wọ́n pọ̀ di `GAG`, ó sọ ẹni tí kò ní jíìnì A kankan di AA. Nọ́ńbà tó fi ń sọ bí lẹ́tà ṣe dá a lójú tó ti jábọ́ níbẹ̀ náà, láti orí 50 àti jù bẹ́ẹ̀ lọ sí 12, bẹ́ẹ̀ 20 túmọ̀ sí pé ó lè ṣì í lẹ́ẹ̀kan nínú 100. Mo ti fojú fo èyí náà.

Ṣùgbọ́n gíga ṣóńṣó máa ń yàtọ̀ nítorí lẹ́tà tó wà níwájú ẹ̀ pẹ̀lú, torí náà mo ṣí fáìlì ẹlòmíì tó jẹ́ AA tí wọ́n jọ kà lọ́jọ́ kan náà, mo wo ojú kan náà: dúdú 1,150, kò sí nǹkan kan lábẹ́ ẹ̀. Ìyẹn fi mí lọ́kàn balẹ̀ ju pé kí n máa fi wọ́n wé aládùúgbò wọn lọ.

Ohun míì tún wà tó fẹ́ tàn mí jẹ. Nítòsí lẹ́tà 75, pupa kan wú sókè, ó gbòòrò tó lẹ́tà mẹ́ta, ó gun orí àwọn yòókù. Dáì tí kò wọ inú okùn tí wọn ò sì fọ̀ kúrò tán ni. Ẹ wò ó dáadáa: ṣóńṣó gidi máa ń rí tóóró, ó sì máa ń jókòó sójú kan náà pẹ̀lú èkejì ẹ̀, àwọn lẹ́tà tó wà lábẹ́ wíwú dáì kì í sì í wálẹ̀ sí ìdajì. Èyí tó tiẹ̀ wá dá mi lójú jù ni kíkà láti ẹ̀yìn, torí puráímà kejì, ìyẹn ègé DNA kékeré tí kíkà ti ń bẹ̀rẹ̀ láti òdìkejì, ka ibẹ̀ mọ́ tónítóní. Ibi tí mo ń wá ńkọ́? Láti ẹ̀yìn, `GAG` máa di `CTC`. Mo rí C búlúù, lẹ́yìn náà pupa àti gírínì lórí ara wọn, lẹ́yìn náà búlúù àti pupa. Ó bá tiwájú mu pátápátá.

Mo tún jẹ́ kí R, èdè kọ̀ǹpútà kan, kọ lẹ́tà méjèèjì sílẹ̀, kó ka ṣóńṣó kejì tó bá tó ìdá kan nínú mẹ́ta ti àkọ́kọ́:

```r
library(sangerseqR)
s <- readsangerseq("S07_F.ab1")
h <- makeBaseCalls(s, ratio = 0.33)
chromatogram(h, showcalls = "both")
```

Ó gbé G/A àti A/T jáde níbi tí ojú mi ti rí i. Ẹ má gbé ìwọ̀n yẹn wálẹ̀ jù o, bí ẹ bá fi sí 0.1, ariwo ìsàlẹ̀ fáìlì á di ṣóńṣó kejì káàkiri.

Báwo ni bébà àkọ́kọ́ ṣe wá kọ AS? A bi ìyá náà, wọ́n ní wọ́n ti fa ẹ̀jẹ̀ sí ọmọ náà lára ní nǹkan bí oṣù méjì ṣáájú àyẹ̀wò yẹn. Sẹ́ẹ̀lì pupa ẹni tó fún un lẹ́jẹ̀ ló gbé A wá, ó sì lè wà lára tó bí oṣù mẹ́ta sí mẹ́rin. Nínú elẹ́kítírofórẹ́sìsì alákálì, ìyẹn àyẹ̀wò tí wọ́n ń fi iná mànàmáná ya hemoglóbìn sọ́tọ̀ọ̀tọ̀, C máa ń dúró sójú kan náà pẹ̀lú hemoglóbìn A2 tó wà lára gbogbo èèyàn, mo gbà pé ẹni tó kà á rò pé A2 ni. DNA tiwa látinú sẹ́ẹ̀lì funfun ọmọ náà la ti yọ ọ́.

Ó ku ọ̀kan. Ṣóńṣó méjì ò lè sọ bóyá orí ẹ̀dà kan náà ni ìyípadà méjèèjì wà tàbí ẹ̀dà ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, torí náà ohun tí mo kọ́kọ́ kọ, tí mo fi ka lẹ́tà láti ibi tí ìtọ́ni jíìnì náà ti bẹ̀rẹ̀ dípò ìbẹ̀rẹ̀ fáìlì, ni `c.19G>A(;)20A>T`. A ní kí bàbá àti ìyá wá. Ti ìyá, A/T nìkan la rí. Ti bàbá, G/A nìkan. Mo wá yí i padà sí `c.[19G>A];[20A>T]`, mo kọ SC sí ìsàlẹ̀ ẹ̀, ẹ̀gbọ́n sì buwọ́ lù ú.