Pàìpù Iná Inú Ògiri: Ohun Tó Yẹ Kí Ẹ Ṣe Kí Bírikìlà Tó Rẹ́ Ilé

Ẹ̀yin tí ẹ ń kọ́ ilé ilẹ̀ tuntun, tí ẹ sì fẹ́ kí waya iná wà nínú ògiri, líńtẹ́ẹ̀lì ni kí ẹ kọ́kọ́ rò. Ọ̀pọ̀ onílé kì í pe oníná títí tí ògiri yóò fi parí. Nígbà náà, líńtẹ́ẹ̀lì ti yí gbogbo ilé po bí ìgbànú, kọnkéré ni, irin sì wà nínú rẹ̀. Pàìpù tó ń ti òkè ògiri bọ̀ wá sí sọ́kẹ́ẹ̀tì gbọ́dọ̀ kọjá níbẹ̀. Bí kò bá sí ọ̀nà, ọmọ iṣẹ́ yóò gbé ṣísẹ́ẹ̀lì àti òòlù, yóò lu kọnkéré náà títí tí irin yóò fi hàn. Àwọn mìíràn tilẹ̀ máa ń gé ríńgì irin náà. Òkè fèrèsé àti òkè ilẹ̀kùn ni líńtẹ́ẹ̀lì ti ń gbé ẹrù jù, ibẹ̀ gan-an sì ni ògiri yóò ti kọ́kọ́ là.

Nítorí náà, kí wọ́n tó da kọnkéré líńtẹ́ẹ̀lì, ẹ jẹ́ kí oníná wá sí ilé. Níbi tí pàìpù kọ̀ọ̀kan yóò gbà, kí ó gbé ègé pàìpù kan dúró lóòró láàárín irin, kí ó fi waya so ó mọ́ ríńgì, kí ó sì fi pépà sìmẹ́ǹtì dí ẹnu rẹ̀ lókè àti nísàlẹ̀. Pàìpù 25 mílímítà ni kí ó lò fún ègé yìí, kí pàìpù 20 lè gba inú rẹ̀ kọjá láìsí wàhálà. Owó rẹ̀ kò tó nǹkan. Ní ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì, bákan náà ni pàìpù ìsàlẹ̀ ṣe gbọ́dọ̀ wà nínú déẹ̀kì kí wọ́n tó dà á.

Láti mọ ibi tí pàìpù yóò gbà, ẹ ní láti mọ ibi tí bẹ́ẹ̀dì, wọ́dúróòbù àti ẹ́síì yóò wà. Ẹ fi ṣọ́ọ̀kì yà á sára ògiri. Ẹ wo ibi tí ilẹ̀kùn yóò ṣí sí, kí ṣíwíìṣì má baà wà lẹ́yìn rẹ̀.

Ẹ̀yin onílé, ẹ ṣọ́ra níbi wíwọn. Ilẹ̀ tí ẹ dúró lé kì í ṣe ilẹ̀ tí ẹ máa gbé lórí rẹ̀. Bí wọ́n bá máa rẹ́ ilẹ̀ ní ínṣì méjì, tí táìlì àti sìmẹ́ǹtì rẹ̀ yóò sì gba ìdajì ínṣì, sọ́kẹ́ẹ̀tì tí ẹ fẹ́ kó wà ní ínṣì 18 gbọ́dọ̀ wà ní ínṣì 20 àtààbọ̀ sí ilẹ̀ òní. Ilẹ̀ yàrá kan sì lè ga ju ti èkejì lọ. Ẹ fi rọ́bà gbọọrọ tí omi wà nínú rẹ̀ gbé ìlà kan tó tẹ́jú yí gbogbo ilé ká, kí ẹ máa wọn gbogbo nǹkan láti orí ìlà yẹn.

Ẹ jẹ́ ká mú ògiri yàrá kan. Ẹsẹ̀ bàtà 12 ni gígùn rẹ̀, 10 ni gíga rẹ̀ láti orí táìlì. Líńtẹ́ẹ̀lì bẹ̀rẹ̀ ní ẹsẹ̀ bàtà 7, ó sì nípọn ní ínṣì 9. A fẹ́ sọ́kẹ́ẹ̀tì méjì sí ẹ̀gbẹ́ méjèèjì bẹ́ẹ̀dì ní ínṣì 18, ṣíwíìṣì kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn ní ẹsẹ̀ bàtà 4, àti sọ́kẹ́ẹ̀tì ẹ́síì ní ẹsẹ̀ bàtà 8. Gbogbo wọn ni yóò ti òkè wá. Sọ́kẹ́ẹ̀tì bẹ́ẹ̀dì kọ̀ọ̀kan gba pàìpù ẹsẹ̀ bàtà 8 àtààbọ̀, ṣíwíìṣì gba 6, ẹ́síì gba 2. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 25. Ti ẹ́síì kò dé líńtẹ́ẹ̀lì rárá, nítorí náà ègé mẹ́ta péré ni a ní láti gbé sínú líńtẹ́ẹ̀lì ògiri yìí.

Oníná kan lè sọ pé òun yóò sọ pàìpù kan ṣoṣo kalẹ̀, kí òun gbẹ́ poro, ìyẹn ojú ọ̀nà pàìpù lára ògiri, ní gígùn ẹsẹ̀ bàtà 7 láti so sọ́kẹ́ẹ̀tì méjèèjì pọ̀ ní ìbú. Ẹ má gbà fún un. Ẹsẹ̀ bàtà kan àtààbọ̀ péré ni yóò dín nínú pàìpù. Búlọ́ọ̀kù wa oníhò ni, ara tó bo ihò náà kò nípọn, poro tó bá sì gba ìbú yóò gé e láti búlọ́ọ̀kù kan dé òmíràn ní ìlà kan. Bí ògiri bá jẹ́ ti búlọ́ọ̀kù ínṣì 6, ó burú jù. Ohun kejì ni pé ẹni tó bá fẹ́ kan ìṣó lọ́jọ́ iwájú yóò wo ṣíwíìṣì tàbí sọ́kẹ́ẹ̀tì, yóò sì gbà pé waya wà lókè rẹ̀ tààrà. Pàìpù tó gba ìdábùú tàbí tó wọ́ ni ìṣó máa ń bá láìròtẹ́lẹ̀.

Fún pàìpù 20, kí poro fẹ̀ tó ínṣì kan àti díẹ̀, kí ó sì jìn tó ínṣì kan. Maṣíìnì ìgéǹkan ni kí wọ́n kọ́kọ́ fi la ìlà méjì, kí wọ́n tó fi ṣísẹ́ẹ̀lì yọ àárín rẹ̀. Bí ó bá jẹ́ òòlù nìkan ni wọ́n ń lù, ojú búlọ́ọ̀kù á wó sínú ihò. Ẹni tó ń gé e gbọ́dọ̀ bo imú àti ojú, eruku rẹ̀ máa ń ba ẹ̀dọ̀fóró jẹ́. Bí ẹ bá fi ọwọ́ pa ojú ògiri lẹ́yìn tí pàìpù ti wọlé, ọwọ́ yín kò gbọdọ̀ kan pàìpù. Bí ó bá yọ síta, rírẹ́ tó bo ibẹ̀ yóò fẹ́lẹ́, ẹ ó sì rí ìlà sísán láti òkè dé ìsàlẹ̀ kí ọdún tó yípo. Kí wọ́n fi sìmẹ́ǹtì dí poro náà, kí ó gbẹ kí bírikìlà tó rẹ́ ẹ.

Bọ́ọ̀sì, ìyẹn àpótí kékeré tí sọ́kẹ́ẹ̀tì tàbí ṣíwíìṣì ń jókòó sí nínú ògiri, kò rí bẹ́ẹ̀ ní tirẹ̀. Ó gbọ́dọ̀ yọ síta níwọ̀n bí rírẹ́ ògiri yóò ṣe nípọn tó, bí ìdajì ínṣì. Ẹ bi bírikìlà ní iye rẹ̀ kí oníná tó lẹ bọ́ọ̀sì mọ́ ògiri, kí ó sì fi léfẹ́ẹ̀lì wò ó. Ẹ tún má ṣe jẹ́ kí bọ́ọ̀sì yàrá yìí àti ti yàrá kejì kẹ̀yìn síra nínú ògiri ínṣì 6. Ẹ yà wọ́n sọ́tọ̀ ní ẹsẹ̀ bàtà kan.

Láàárín bọ́ọ̀sì kan sí èkejì, kí pàìpù má yí ju ẹ̀ẹ̀mejì lọ, kí ibi tó ti yí sì rí rogodo. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, waya yóò há. Kí bírikìlà tó dé, ẹ ní kí oníná ti waya líle bọ inú pàìpù kọ̀ọ̀kan lójú yín, kí ó sì yọ sí apá kejì. Lẹ́yìn náà, ẹ fi pépà dí ẹnu bọ́ọ̀sì pátápátá, kí ẹ sì ya fọ́tò ògiri kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú téèpù ìwọ̀n lára rẹ̀.

Nígbà tí rírẹ́ bá gbẹ, ẹ tún ti waya líle náà. Bí ó bá há, ẹ fi ìka mú un ní ẹnu bọ́ọ̀sì, ẹ fà á jáde, ẹ wọn ibi tí ìka yín wà dé orí rẹ̀. Ẹ gbé ìwọ̀n yẹn sára ògiri láti bọ́ọ̀sì lọ sókè, ẹ wò ó pẹ̀lú fọ́tò. Ibẹ̀ ni sìmẹ́ǹtì ti dí i tàbí tí pàìpù ti fọ́, ibẹ̀ nìkan sì ni kí wọ́n ṣí.