Ẹ Kọ Ìbéèrè Yín Kí Ẹ Tó Ná Owó ní Ṣómólú: Àṣìṣe Tí Mo Ń Rí Nínú Nóòtì Ẹ̀kọ́

Kò sí táàmù kan tí n kì í rí i. Bí a bá ti wọlé ní ọ̀sẹ̀ kan tàbí méjì, olùkọ́ tuntun kan yóò ti Ṣómólú dé pẹ̀lú àtẹ aláwọ̀ mèremère lábẹ́ apá, èyí tí àwọn atẹ̀wé ti fi ọ̀rá bò kí ó má baà ya. Owó àpò ara rẹ̀ ni, nígbà tí owó oṣù àkọ́kọ́ kò tíì wọlé. Bí mo bá wá ṣí nóòtì ẹ̀kọ́ tí ó fẹ́ fi àtẹ náà kọ́, inú mi á bàjẹ́. Ohun tí èròǹgbà ń wí yàtọ̀, ohun tí àwọn ọmọ fẹ́ ṣe nínú kíláàsì yàtọ̀, ìgbéléwọ̀n tí ó wà nísàlẹ̀ sì tún ń béèrè ohun mìíràn pátápátá. Èmi ni wọ́n ń kó nóòtì àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé fún láti yẹ̀ wò, nítorí náà ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tó ń dùn mí.

1. Kíkọ ohun tí ojú kò lè rí sí abẹ́ èròǹgbà. "Akẹ́kọ̀ọ́ yóò mọ̀", "akẹ́kọ̀ọ́ yóò lóye". Báwo lẹ ṣe fẹ́ mọ̀ pé ó ti lóye? Ohun tí ọwọ́ tàbí ẹnu ọmọ náà yóò ṣe ni kí ẹ kọ: yóò wọ̀n ọ́n, yóò kà á, yóò kọ lẹ́tà, yóò fi èyí wé ìyẹn.

2. Èròǹgbà mẹ́fà fún ẹ̀kọ́ tí kò ju 40 ìṣẹ́jú lọ. Ẹ mú ẹyọ kan, tàbí méjì.

3. Iṣẹ́ tó dùn mọ́ ọmọ, ṣùgbọ́n tí kò kọ́ ọ ní ohun tí ẹ ní ẹ fẹ́ kọ́ ọ. Èyí ló ń jẹ owó yín, òun náà ló sì ń jẹ àkókò àwọn ọmọ. Ẹ gbọ́ bó ṣe ń rí.

Mo jókòó sẹ́yìn kíláàsì kan ní Èbúté Mẹ́tta, púráímárì 3, ọmọ 44. Ìṣirò ni, wọ́n sì fẹ́ kọ́ nípa gígùn. Àǹtí tó ń kọ́ wọn múra dáadáa. Ó kọ èròǹgbà rẹ̀ sójú pátákó: "Ní òpin ẹ̀kọ́ yìí, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yóò lè fi rúlà wọn gígùn nǹkan ní sẹ̀ǹtímítà." Èròǹgbà yẹn dára, n kò ní ọ̀rọ̀ sí i. Ó na àtẹ rẹ̀ sára ògiri: rúlà, téèpù àwọn télọ̀, téèpù àwọn bíríkìlà, ọ̀pá ìwọ̀n gígùn, gbogbo wọn pẹ̀lú àwọ̀ tiwọn. Àwọn ọmọ pe orúkọ wọn tẹ̀lé e. Lẹ́yìn náà wọ́n ya rúlà sínú ìwé, wọ́n sì fi kíréyọ́ọ̀nù kùn ún. Yíyà àti kíkùn yẹn gba nǹkan bí 20 ìṣẹ́jú. Wọ́n da nóòtì kọ. Ìgbéléwọ̀n wá dé: "Dárúkọ ohun èlò mẹ́ta tí a fi ń wọn gígùn." Fẹ́rẹ̀ẹ́ gbogbo wọn ló gbà á. Inú Àǹtí dùn.

Mo tọrọ àyè, mo pe ọmọ mẹ́fà síwájú. Mo fún ẹni kọ̀ọ̀kan ní rúlà àti bírò mi, mo ní kí wọ́n bá mi wọ̀n ọ́n. Ọmọ mẹ́ta fi ìdí bírò sí orí 1, nítorí pé orí 1 ni a ti máa ń bẹ̀rẹ̀ sí ka nǹkan. Méjì fi í sí etí rúlà gan-an, bẹ́ẹ̀ òdo kò sí ní etí púpọ̀ nínú àwọn rúlà oníke. Ó máa ń wọ inú díẹ̀. Ẹyọ ọmọ kan ṣoṣo ló bẹ̀rẹ̀ láti orí òdo. Àwọn mẹ́fẹ̀ẹ̀fà ló sì ti gba máàkì wọn pé.

Kò sí ọmọ kan tó wọn nǹkan kan ní gbogbo àkókò yẹn. Wọ́n dárúkọ, wọ́n yàwòrán, wọ́n kun ọ̀dà, wọ́n da ọ̀rọ̀ kọ. Ọ̀rọ̀ tó wà nínú èròǹgbà ni "wọ̀n", ṣùgbọ́n ojú pátákó nìkan ni ó dúró sí.

Ọ̀nà tí mo fi ń tún irú ẹ̀kọ́ bẹ́ẹ̀ ṣe nìyí. Bí mo bá ti kọ èròǹgbà tán, ìbéèrè ìgbéléwọ̀n ni mo máa ń kọ tẹ̀lé e, kí n tó ronú kan eré, àtẹ tàbí ohun èlò. Èmi àti Àǹtí jókòó sí yàrá olùkọ́, a kọ mẹ́ta. Àkọ́kọ́, bébà tín-ín-rín kan tí a gé sí 13 sẹ̀ǹtímítà. Ọmọ náà fúnra rẹ̀ ni yóò fi rúlà lé e. Ìkejì, àwòrán pẹ́ńsù tó sùn lé rúlà, ìdí rẹ̀ wà ní orí 3, ẹnu rẹ̀ wà ní orí 11: báwo ni pẹ́ńsù náà ṣe gùn tó? Ìkẹta, kí ọmọ fa ìlà tó gùn ní 6 sẹ̀ǹtímítà.

Ìbéèrè kejì ni mo fẹ́ràn jù, nítorí pé ìdáhùn tí kò tọ́ níbẹ̀ máa ń sọ ohun tó ń ṣe ọmọ fún wa. Mẹ́jọ ni ìdáhùn. Ọmọ tó bá kọ 11 kàn ń wo ibi tí nǹkan parí sí. Kò tíì yé e pé ibi tí ó ti bẹ̀rẹ̀ ṣe pàtàkì. Ọmọ tó bá kọ 9 ń ka àmì: mẹ́ta, mẹ́rin, márùn-ún, títí dé mọ́kànlá, àmì mẹ́sàn-án. Kò tíì mọ̀ pé àlàfo tó wà láàárín àmì kan sí èkejì ni à ń kà. Àìsàn méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni, oògùn wọn kò sì dọ́gba. "Dárúkọ ohun èlò mẹ́ta" kò lè fi ìkankan nínú wọn hàn láéláé.

Nígbà tí ìbéèrè ti wà nílẹ̀ ni a tó wá iṣẹ́ tí yóò gbé ọmọ dé ibẹ̀. A gé bébà sí ègé kéékèèké tí ọ̀kọ̀ọ̀kan gùn ní sẹ̀ǹtímítà kan. Àwọn ọmọ yóò tò wọ́n lẹ́gbẹ̀ẹ́ pẹ́ńsù, kí ọ̀kan má gun orí èkejì, kí àlàfo má sì sí láàárín wọn, wọ́n á wá kà á. Lẹ́yìn náà ni wọ́n á tò ègé kan náà sára rúlà. Níbẹ̀ ni ojú ọmọ ti máa ń là: ègé àkọ́kọ́ wà láàárín òdo àti 1, ibi tí ó parí sí ni a kọ 1 sí. Iṣẹ́ kẹta ni rúlà tí orí rẹ̀ ti gé. A ṣe fọ́tòkọ́pì rúlà, a gé sẹ̀ǹtímítà mẹ́rin àkọ́kọ́ sọnù, a ní kí wọ́n fi ìyókù wọn nǹkan ní méjì-méjì, kí ẹnì kan wọ̀n, kí èkejì yẹ̀ ẹ́ wò. (Ẹ fi rúlà gidi wọn fọ́tòkọ́pì náà kí ẹ tó pín in. Ẹ̀rọ mìíràn máa ń sún àwòrán kì, sẹ̀ǹtímítà inú rẹ̀ kò ní pé mọ́.) Owó fọ́tòkọ́pì ojú ìwé díẹ̀ ni gbogbo ìnáwó wa.

Ohun tí mo ń bi ara mi lórí iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan kò ju èyí lọ: kí ni ọwọ́ ọmọ ń ṣe níbí tí yóò tún ṣe nínú ìbéèrè yẹn? Títo ègé bébà: ó ń ka àlàfo. Rúlà tó gé lórí: ó ń wo ìbẹ̀rẹ̀ àti òpin. Kíkun rúlà ní àwọ̀ pupa àti búlúù: n kò rí nǹkan kan. Ẹ yọ ọ́ kúrò, kódà bí ó bá jẹ́ òun ni àwọn ọmọ fẹ́ràn jù.

Òmíràn tó ń bí mi nínú ni bí a ṣe ń lo àtẹ Bloom. Ọdún 1956 ni Benjamin Bloom àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbé e jáde, wọ́n sì tún un ṣe ní 2001. Ìpele ìrònú mẹ́fà ló ní, láti orí rírántí nǹkan títí dé orí èyí tó ga jù. Àwọn olùkọ́ tuntun rò pé bí ọ̀rọ̀ ìṣe inú èròǹgbà bá ti ga ni ẹ̀kọ́ dára. Rárá o. Ohun tí mo fẹ́ rí ni kí èròǹgbà, iṣẹ́ àti ìbéèrè dúró sórí ìpele kan náà. Ọ̀rọ̀ ìṣe nìkan kò sì tó láti fi mọ̀ ọ́n. "Ṣàlàyé ìdí tí omi fi ń gbẹ lára aṣọ" dà bí ìbéèrè òye, ṣùgbọ́n bí ẹ bá ti kọ àlàyé náà sójú pátákó tí àwọn ọmọ sì dà á kọ lánàá, ìrántí lẹ̀ ń dán wò.

Iṣẹ́ àmúrelé tí òbí ń báni ṣe kì í ṣe ìgbéléwọ̀n. Ẹ má kọ máàkì rẹ̀ sílẹ̀.

Èmi náà ti ṣẹ̀ nínú ọ̀rọ̀ yìí, ó sì ń dùn mí títí di òní. Nígbà tí mo ń kọ́ni ní Múṣin, mo kọ́ púráímárì 5 ní lẹ́tà sí ọ̀rẹ́ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Iṣẹ́ tí mo ń fún wọn ni kí wọ́n fi ọ̀rọ̀ tó yẹ dí àlàfo nínú lẹ́tà tí mo ti kọ sílẹ̀: déètì níbí, ìkíni lọ́hùn-ún. Wọ́n ń gbà á dáadáa, máàkì tẹ́ẹ̀sì wọn sì ga. Ìdánwò dé, mo ní kí wọ́n kọ odidi lẹ́tà. Púpọ̀ wọn kọ àdírẹ́sì àti ìkíni, wọ́n sì dákẹ́ síbẹ̀. N kò tíì fún wọn láyè rí láti kọ gbólóhùn mẹ́ta tó tẹ̀lé ara wọn. Lọ́jọ́ tí àwọn òbí wá, mo sọ fún ìyá ọmọ kan pé ọmọ rẹ̀ kì í kàwé. Ọmọ yẹn ti ṣe gbogbo ohun tí mo ní kó ṣe.

Ṣùgbọ́n ẹ má wá gba ibòmíràn ṣìnà. Bí ẹ bá fi pẹ́ńsù orí 3 sí 11 kọ́ wọn, tí ẹ tún fi í dán wọn wò, ẹ ó gbọ́ "mẹ́jọ!" kí ẹ tó na àwòrán náà sókè. Ẹ yí òǹkà padà, ẹ yí ohun tí à ń wọ̀n padà. Irú ìrònú nìkan ni kó jẹ́ ọ̀kan náà. Kíláàsì tó bá sì kún, ẹ jẹ́ kí wọ́n kọ ìdáhùn gàdàgbà sẹ́yìn ìwé, kí wọ́n gbé e sókè lẹ́ẹ̀kan náà, kí ẹ lè fi ojú ká a láàárín ìṣẹ́jú kan.

Àǹtí tún ẹ̀kọ́ náà kọ́ ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun tó tẹ̀lé e, pẹ̀lú pẹ́ńsù tó bẹ̀rẹ̀ ní orí 5 tó sì parí sí 12. Ọmọ 29 kọ 7. Mẹ́fà kọ 12, mẹ́jọ kọ 8, ẹyọ kan kò kọ nǹkan kan. Ó kọ orúkọ àwọn mẹ́jọ yẹn sí ẹ̀yìn nóòtì rẹ̀, ó sì lọ kó àwọn ègé bébà pa mọ́ sínú àpòòwé nítorí tiwọn, fún àárọ̀ Ọjọ́rú.